Ẹ Jẹ́ Kí Bébà Ṣáájú Ọ̀bẹ

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn tí ń ya fíìmù ìtàn gidi ní agbègbè wa, láti inú Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, títí dé àwọn abúlé oko tí ó yí Ìyànà Ọ̀fà ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, pé ẹni tí ó bá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà sínú kámẹ́rà kò ní iṣẹ́ mìíràn mọ́ ju pé kí ó kó káàdì lé ẹ́dítọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ́dítọ̀ jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí ó máa wò, kí ó máa gé, kí ó máa lẹ̀, títí ìtàn yóò fi yọ jáde fúnra rẹ̀. Bí o bá bi wọ́n pé níbo ni ìwé tí ẹ to ọ̀rọ̀ sí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e wà, wọn a rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn a ní àwòrán ni fíìmù, ìwé kọ́, wọn a sì fi kún un pé àwọn aláfọwọ́kọ ayé àtijọ́ nìkan ni ó ń fi bébà dá ara wọn lágara. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì rọrùn láti gbà gbọ́, pàápàá fún ẹni tí epo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ tán. Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn rárá, nítorí pé ohun tí èrò yìí ń bà jẹ́ ju fíìmù lọ: ẹ̀rí àgbà ni, ẹ̀rí tí a kò sì ní rí gbà lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tí èrò náà ti wá kò ṣòro láti mọ̀. Ní ayé ìgbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, fíìmù ni a fi ń ya àwòrán lóde, owó gọbọi sì ni fíìmù: róòlù onímílímítà 16 tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 100 kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ó tó tán. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ ni òun ní yóò ti ro ìbéèrè rẹ̀ síwá sẹ́yìn kí ó tó la ẹnu, yóò sì ti mọ ohun tí òun ń wá kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lónìí, káàdì kékeré onígígábáìtì 64 lè gba ọ̀rọ̀ tí ó lé ní wákàtí méjì ààbọ̀ bí a bá ya á ní mẹ́gábíìtì 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kò náni ní nǹkan mọ́ láti ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ kí bàbá máa bá ọ̀rọ̀ lọ, èyí sì dára púpọ̀, nítorí àgbà kì í sọ òkodoro ọ̀rọ̀ nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìrònú tí ọ̀wọ́n fíìmù ń fipá mú àwọn ará àtijọ́ rò ṣáájú kò parẹ́. Ó kàn sún síwájú ni, ó ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ́dítọ̀, ẹni tí ó bá sì sáré gba ibẹ̀ kọjá láìrò ó, ọ̀bẹ ni yóò bá a rò ó.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mò ń pè ní bébà yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mò ń jà fún ohun tí kò sí. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dída gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú fọ́rán kọ sílẹ̀, ìbéèrè àti ìdáhùn, láti orí dé ìrù, bí wọ́n ti sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ẹ̀ka èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni orúkọ fọ́rán yóò wà, irú bí `C0003.MP4`, àti àkókò tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, irú bí `01:38:12:00`, níbi tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti jẹ́ wákàtí, èkejì ìṣẹ́jú, ẹ̀kẹta ìṣẹ́jú-àáyá, tí èyí tó gbẹ̀yìn sì ń ka ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan, láti 00 dé 24 fún kámẹ́rà tí ń ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn kámẹ́rà kan wà tí ó jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tí a bá tún wọn tàn ni wọ́n ń padà sí òdo. Bí ẹni tí ń kọ̀wé bá kọ àkókò láìkọ orúkọ fọ́rán fún irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, òfo ni ìwé rẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú kẹsàn-án yóò wà nínú fọ́rán mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a óò fi bírò ka ìwé náà, a óò fa ìlà sábẹ́ ohun tí ó ní làárí, a óò gé wọn sọ́tọ̀ ní pélébé-pélébé, pélébé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ fọ́rán, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin àkókò rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú àti ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn nínú rẹ̀. A óò tẹ́ gbogbo wọn sórí ẹní tàbí sórí tábìlì, a óò sì máa ṣí wọn nípò títí wọn yóò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Níbi tí wọn kò bá ti lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ atọ́kùn yóò bọ́ sí, níbẹ̀ nìkan. Nígbà tí a bá ti kà á jáde sókè, tí aago wà lọ́wọ́, tí a sì mọ iye ìṣẹ́jú tí ó gbà, nígbà náà ni kí a tó lọ tan kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí èyí ti rí nínú ọ̀ràn kan pàtó. Àwọn tí ó dàgbà ní oko Ìbàdàn mọ ìtàn Agbẹ́kọ̀yà, ìjà àwọn àgbẹ̀ tí owó orí ga fún nígbà tí owó kòkó kéré, tí akọ́dà àti àwọn agbowó orí sì ń da láàmú láti abúlé dé abúlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968 ni rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Mápó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969 ni wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Táfà Adéoyè, láti ìhà Akànràn ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ònà-Àrà lónìí, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú àwọn aṣáájú wọn, òun sì ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá sọ̀rọ̀ kí ìjọba Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ tó dín owó orí náà kù sí £2. A lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà mẹ́ta ní abúlé kan tí ó rékọjá Ìyànà Ọ̀fà, àwọn tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà ìjà náà. Ohun tí a kó bọ̀ lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin. Fíìmù tí a fẹ́ yọ nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 26 lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà ni ó ni ìdajì ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ẹnu àgbà ni obì ti í gbó, ẹnu tirẹ̀ sì gbó ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sọ nípa ọjọ́ tí àwọn agbowó orí wọ abúlé wọn. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹsàn-án, tí oòrùn dára, tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ní, "A kò san tọ́rọ́. A lé wọn dé títì." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínláàádọ́ta, ó tún padà sí i, ṣùgbọ́n owó kòkó ni ó gbà wọ̀ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, bí wọ́n ti ń wọn kòkó fún wọn, tí òṣùwọ̀n kì í sì í bá ohun tí wọ́n gbé wá dọ́gba. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé ti ń ké, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ó ní, "Bàbá mi san án. Òru ni wọ́n lọ san án. Wọn ò jẹ́ kí ìyá mi mọ̀." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bèèrè bóyá a ti rí omi mu.

Ẹ́dítọ̀ tí a kọ́kọ́ fi fọ́rán náà hàn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá tí ojú rẹ̀ sì mọ àwòrán, wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó sì mú èyí àkọ́kọ́. Bí ó ti yẹ kí ẹni tí ń fi ojú gé ṣe ni ó ṣe: ìmọ́lẹ̀ dára níbẹ̀, ẹ̀rín wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Ó yí èyí ẹ̀kẹta kọjá nítorí pé ojú bàbá ti ṣókùnkùn, ariwo ẹ̀rọ sì wà lábẹ́ ohùn rẹ̀. N kò bá a wí, nítorí kò sí ẹni tí ó lè rántí lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin pé ohun tí bàbá sọ ní ìrọ̀lẹ́ ń bá ohun tí ó sọ ní òwúrọ̀ jiyàn. Ọpọlọ ènìyàn kì í mú ọ̀rọ̀ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ dání lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ó bá sì ti kọ́kọ́ dùn mọ́ni ni a ń fi wọn ìyókù. Orí bébà ni ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí oòrùn kò ti gbè fún ọ̀kan, tí òkùnkùn kò sì ti bu ìkejì kù.

Nígbà tí a sì kà wọ́n tẹ̀lé ara wọn ni a tó rí i pé bàbá kò purọ́ nígbà kankan. Ní òwúrọ̀, "a" ni ó ń lò, ohùn abúlé ni, ohun tí gbogbo ìlú jọ ń sọ nípa ara wọn lójú àlejò. Ní ìrọ̀lẹ́, "bàbá mi" ni, ohùn ọmọ ni. Ẹni tí ó bá mú èyí àkọ́kọ́ nìkan ti ṣe fíìmù akọni; ẹni tí ó bá mú èyí ẹ̀kẹta nìkan láti fi tú abúlé fó ti ṣe ìkà. A tò wọ́n bí ó ti sọ wọ́n: ẹ̀rín síwájú, kòkó láàárín, kí ẹni tí ń wò lè mọ ìdí tí ọkùnrin kan fi lè bẹ̀rù ìyà ju ìtìjú lọ, lẹ́yìn náà ìrọ̀lẹ́. Pélébé ìrọ̀lẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní `01:38:12:00`, ó parí ní `01:39:04:00`, ìṣẹ́jú-àáyá 52 géérégé, a sì kọ ọ́ sí etí bébà pé kí ẹnikẹ́ni má gé ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kúrò, kí atọ́kùn má sì sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ohun kejì tí bébà fi hàn wá léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Níbì kan nínú wákàtí kejì, bàbá sọ pé, "Wọ́n ní kí a fara balẹ̀, a kò fara balẹ̀." Ẹ́dítọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ó sì fẹ́ fi í tẹ̀lé ibi tí a ti ń sọ nípa ìjọba. Ta ni "wọ́n"? Nínú èdè wa, "wọ́n" lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó lè jẹ́ ìjọba, ó sì lè jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Nígbà tí a ṣí ìwé padà sẹ́yìn ní ojú ewé kan ààbọ̀, a rí i pé baálẹ̀ ni bàbá ń wí. Baálẹ̀ abúlé ni ó bẹ̀ wọ́n, àwọn ọmọ rẹ̀ ni kò gbọ́. Bí a bá gbé gbólóhùn yẹn kúrò níbi tí olúwa rẹ̀ wà, tí a sì kàn án mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ìjọba, a ti fi ẹnu bàbá sọ ohun tí bàbá kò sọ, láìyí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà nínú ohun tí ó sọ. Kò sí ẹni tí yóò lè mú wa, nítorí ohùn rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ ni. Àwọn bíi tirẹ̀ ní abúlé nìkan ni yóò mọ̀ nígbà tí wọ́n bá wò ó, òun ni wọ́n yóò sì máa pè ní òpùrọ́. Nítorí náà, òfin tí a fi lélẹ̀ ni pé pélébé kankan tí ó bá ní "wọ́n", "ó", tàbí "ibẹ̀" nínú gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tàbí ibi tí a ń wí ní etí rẹ̀, bí a kò bá sì lè fi ibi tí a ti dárúkọ náà sínú fíìmù, atọ́kùn gbọ́dọ̀ dá a.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀rọ̀ atọ́kùn, èyí tí àwọn kan rò pé ewì ni. Bàbá yẹn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò yé sọ pé ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni àwọn ní àwọn yóò san. Ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún kò mọ̀ pé ọ̀kẹ́ kan nígbà náà jẹ́ ṣílè márùn-ún, pé ọ̀kẹ́ mẹ́fà sì jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè, ìyẹn pọ́n-ùn kan àti ààbọ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò lè mọ̀ pé £2 tí ìjọba gbà níkẹyìn kò jìnnà sí ohun tí àwọn àgbẹ̀ béèrè, tí ìjà náà sì so èso. Àwọn àgbà wa a máa wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Ṣùgbọ́n àbọ̀ tí bàbá sọ fún ẹni tí ó bá a gbé ayé kan náà ni. Ìdajì yòókù ni iṣẹ́ atọ́kùn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni a kọ sí ibẹ̀, ó sọ iye ọ̀kẹ́ kan ní ṣílè, ó sì gbé ẹnu kúrò. Ẹni tí ó bá ń gé láìsí bébà kò ní mọ̀ pé àlàfo wà níbẹ̀ títí fíìmù yóò fi parí tí ọmọ ilé ìwé kan yóò fi béèrè pé kí ni ọ̀kẹ́, nígbà yẹn ni yóò máa wá ibi tí yóò ki àlàyé bọ̀.

Mo mọ ohun tí alátakò mi tí ó gbọ́n jù lọ yóò sọ, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ débi pé n kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ gbá a dànù. Yóò ní bébà kì í gbọ́ ohùn. Òótọ́ ni. Nínú Yorùbá, ohùn olùsọ̀rọ̀ a máa rọra wálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn dé òpin rẹ̀. Bí o bá gé e ní ìdajì nítorí pé ó parí dáadáa lórí ìwé, etí ẹni tí ń gbọ́ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀, yóò máa dúró de èyí tí kò ní dé. Èyí tí ó tún burú ni pé ọ̀rọ̀ wa a máa wọnú ara wọn. Bàbá sọ pé, "A ò ní sanwó orí." Lórí ìwé, ènìyàn lè rò pé òun lè bẹ̀rẹ̀ pélébé rẹ̀ láti "owó orí", ṣùgbọ́n "owó" kò sí nínú ohùn náà, "san" ti gbé fáwẹ̀lì rẹ̀ mì, bí o bá gé e níbẹ̀, "wó orí" ni yóò jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò tí ń rọ̀ sórí páánù àti ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ tí ń ké: gbólóhùn méjì tí ó bá ara wọn mu lórí bébà lè kọ̀ láti so pọ̀ nítorí pé ọ̀kan wà lábẹ́ òjò tí èkejì wà lábẹ́ oòrùn.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀sùn yìí fi hàn? Ó fi hàn pé ìwé burúkú wà ni, kò fi hàn pé kí a má kọ̀wé. Ẹni tí ń da ọ̀rọ̀ kọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bí a ti sọ ọ́, kí ó kọ "sanwó" níbi tí wọ́n ti ní "sanwó", kí ó fi àmì sí ibi tí ohùn balẹ̀, ibi tí a mí kanlẹ̀, ibi tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó ti dá. Nígbà tí a bá sì ti to pélébé tán, kí a tún fi etí gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ́dítọ̀ to ohùn nìkan tẹ̀lé ara wọn, kí a pa ojú dé, kí a gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Ibi tí etí bá ti kọsẹ̀ ni bébà ti ṣìnà, a óò sì padà sí orí ẹní lọ tún un tò. Nínú ti àwa yìí, pélébé tí ó bọ́ dànù nítorí ohùn kò ju díẹ̀ lọ, àwọn tí ó sì bọ́ ni a rí àrọ́pò fún kíákíá, nítorí pé ìwé wà tí a lè yẹ̀ wò. Ẹni tí kò ní ìwé yóò padà lọ jókòó ti wákàtí mẹ́rin.

Mo gbà pẹ̀lú pé fíìmù wà tí kò nílò bébà. Frederick Wiseman, ará Amẹ́ríkà tí ó gbé *Titicut Follies* jáde ní ọdún 1967, kì í fi ọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò, kì í sì í lo atọ́kùn. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni ó ń yà, orí tábìlì ìgéfíìmù ni ó sì ti ń wá ìtàn rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ya ọjà Ìyànà Ọ̀fà lọ́nà bẹ́ẹ̀, kí ó lọ gé e bí ó bá ti wù ú, n kò ní bá a jà. Ohun tí ń bí mi nínú ni pé àwọn tí ń tọ́ka sí irú Wiseman láti fi kọ bébà sílẹ̀ ni wọ́n tún ń gbé àga kalẹ̀ fún àgbà, tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè fún wákàtí méjì. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n lọ gbà. Kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀.

Àwọn kan sì wà ní òdìkejì, mo fẹ́ fi gbólóhùn díẹ̀ dá wọn lóhùn kí wọ́n má baà rò pé ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Àwọn wọ̀nyí a kọ gbogbo ọ̀rọ̀ atọ́kùn kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, wọn a wá máa wá gbólóhùn tí wọn yóò fi ti ohun tí wọ́n ti kọ lẹ́yìn. Ìwé ni wọ́n ń lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni wọ́n, àgbà òṣìkà. Ìwé tí mò ń sọ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí a tó gbọ́ bàbá tán.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, èyí tí í ṣe ìdí gan-an tí ọ̀pọ̀ fi ń sá, bí wọn kò tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́. Dída ọ̀rọ̀ wákàtí kan kọ sílẹ̀ máa ń gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Fún Yorùbá tí a gbọ́dọ̀ fi àmì ohùn sí, tí bàbá sì ń fi òwe bọ òwe lẹ́nu, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ọ̀rọ̀ di bí iṣẹ́ ogún wákàtí ó lé, ẹni tí ó ṣe é sì gbọ́dọ̀ gba owó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìnáwó. Mo bi wọ́n pé ṣé owó epo ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí abúlé wà nínú rẹ̀? Ó wà. Owó oúnjẹ ńkọ́? Ó wà. Owó ẹ̀bùn fún baálẹ̀ ńkọ́? Ó wà, ó sì tọ́. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ jẹ gbogbo oúnjẹ yẹn ni kò sí. Ní ti ẹ́dítọ̀ tí ó ń fi ojoojúmọ́ gbọ́ fọ́rán kan náà nítorí pé kò mọ ibi tí ohun tí ó ń wá wà, òun náà ń gba owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ju ti ẹni tí ń kọ̀wé lọ.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní ọdún 1968 ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí. Ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá, ní Ònà-Àrà, ní Akínyẹlé, àwọn tí ó lè sọ fún wa bí ó ti rí lójú ara wọn ń dín kù, wákàtí méjì tí ọ̀kan nínú wọn bá sì fún ẹ ni gbogbo ohun tí o máa rí gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní kámẹ́rà, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ owó ẹni tí yóò da ọ̀rọ̀ kọ sí òkè àkọsílẹ̀ ìnáwó yín kí ẹ tó kọ ti epo ọkọ̀; bí owó náà kò bá sì tó, ẹ dín iye àwọn tí ẹ fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò kù sí méjì. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ tẹ ìwé náà ní odidi, pẹ̀lú ohun tí ẹ lò àti ohun tí ẹ kò lò, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ fún àwọn ọmọ bàbá ní abúlé.